Bí a ṣe kó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ 14 sábẹ́ àkóso Intune

Ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó ni iṣẹ́ yìí ti wáyé. Òṣìṣẹ́ 14, kọ̀ǹpútà alágbèéká 14, tòkunbọ̀ sì ni gbogbo wọn. Mẹ́sàn-án wà ní Ìbàdàn, mẹ́ta wà ní Abẹ́òkúta, méjì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé wọn ní Èkó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bójú tó gbogbo rẹ̀, Ìbàdàn ló sì ń gbé. Bí kọ̀ǹpútà kan bá dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àfi kó wọ ọkọ̀ lọ.

Ohun tó mú wa bẹ̀rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kan tó sọnù sínú ọkọ̀ èrò, tòun ti fáìlì owó orí àwọn oníbàárà. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá dísíìkì rẹ̀ wà ní títì tí ẹlòmíì kò fi lè ka á. Kò sì sí ọ̀nà kankan tí a fi lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láti ibi tí a wà. A ra òmíràn rọ́pò rẹ̀, a sì pinnu pé kò gbọ́dọ̀ sí kọ̀ǹpútà kan lọ́fíìsì náà mọ́ tí a kò lè dé láti òkèèrè.

Iye owó. A mú Microsoft 365 Business Premium, nítorí Intune, irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, wà nínú rẹ̀, ó sì gba ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 300 lọ. Nígbà tí a ṣe é, $22 ni lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá fọwọ́ sí i fún ọdún kan. Ti ènìyàn 14 jẹ́ $308. Ọ́fíìsì náà ti ń san $12.50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún Business Standard tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tó lé lórí ìnáwó wọn gan-an ni $133 lóṣù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a ra fúláàṣì 8 GB kan, bátìrì kékeré CR2032 méjì, àti Windows Pro fún kọ̀ǹpútà méjì.

## Ìpele 1: Àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyí: a kò yẹ kọ̀ǹpútà wò. Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú láti forúkọ wọn sílẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ohun tó ń ṣe kálukú wọn sì yàtọ̀ síra. A lo ọjọ́ kan gbáko tí à ń wá ẹ̀bi nínú Intune, nígbà tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Lẹ́yìn ìyẹn a dá ọwọ́ dúró, a sì yẹ gbogbo wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi bọ́tìnnì ọ̀tún ara máòsì tẹ Start, yan Terminal (Admin), kí o sì tẹ ìwọ̀nyí:

```
Get-WindowsEdition -Online
slmgr /xpr
Get-Tpm
reagentc /info
Get-Date
```

Ìlà kìíní ń sọ irú Windows tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá kọ `Professional`, ó dára. Bí ó bá kọ `Core`, Home nìyẹn, Home kò sì lè darapọ̀ mọ́ àkáǹtì ilé iṣẹ́. Méjì nínú 14 ló jẹ́ `Core`. A ra Pro fún wọn nínú Microsoft Store, $99 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìlà kejì ṣe pàtàkì fún tòkunbọ̀. Ó yẹ kó sọ pé Windows náà ti gba àṣẹ títí láé, ìyẹn `permanently activated`. Bí ó bá mú ọjọ́ tí àṣẹ yóò parí wá, tí ọ́fíìsì rẹ kò sì ní sáfà tirẹ̀ tó ń fún Windows láṣẹ, a jẹ́ pé ẹni tó tà á fún ọ lo irinṣẹ́ àrékérekè. Má ṣe kọ́ ilé sórí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tún Windows rẹ̀ gbé kalẹ̀ kí o sì fún un ní láísẹ́ǹsì tòótọ́.

`Get-Tpm` gbọ́dọ̀ fi `TpmPresent` àti `TpmReady` hàn ní `True`. TPM ni ègé kékeré tó ń pa kọ́kọ́rọ́ dísíìkì mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, láìsí i Intune kò lè ti dísíìkì pa ní ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀kan mú `False` wá. Kò bàjẹ́ o, ṣe ni wọ́n pa á nínú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel, orúkọ tó ń jẹ́ nínú BIOS kì í ṣe TPM bí kò ṣe PTT, ìdí nìyẹn tí a fi wá a títí kí a tó rí i.

Ìlà `reagentc` kò sí nínú àyẹ̀wò wa látìbẹ̀rẹ̀. Ìpele 5 ló kọ́ wa. Ohun tó yẹ kó hàn ni `Windows RE status: Enabled`.

Ọjọ́ àti aago dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó dá kọ̀ǹpútà méjì dúró pátápátá. Bátìrì pẹlẹbẹ inú wọn ti kú, nítorí náà nígbàkígbà tí bátìrì ńlá bá tán, aago yóò padà sí ọdún àtijọ́. Kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ ti ṣìnà kò ní gba ìwé ẹ̀rí ojúlé ìwọlé Microsoft gbọ́, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò sì rí ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Fífi ọwọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe nínú Settings yóò tó fún ọjọ́ náà. Àtúnṣe gidi ni láti pààrọ̀ CR2032. Ṣí ìdí kọ̀ǹpútà kí o tó lọ rà á, torí ti àwọn kan ní wáyà àti ẹnu kékeré lára, èyí tó ń ta lásán kò sì ní wọ ibẹ̀.

Ohun kan wà tí kò sí àṣẹ inú Terminal tí a mọ̀ tó fi í hàn kedere. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ lè ṣì wà lórúkọ ilé iṣẹ́ tó lò ó nílùú òyìnbó. Ẹni tó tà á ti gbé Windows tuntun sórí rẹ̀ láìso íńtánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà gbogbo nǹkan dà bí ẹni pé ó mọ́. Nígbà tí a nu ọ̀kan nínú àwọn tiwa tí a sì so ó mọ́ Wi-Fi, ojú ìwé tó kọ́kọ́ yọ ni ti ilé iṣẹ́ kan tí a kò mọ̀ rí, ó ń béèrè ímeèlì òṣìṣẹ́ wọn. A gbìyànjú láti fi nọ́ḿbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sínú Autopilot tiwa, ìyẹn ibi tí Microsoft ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà sí, ó dá àṣìṣe 808 padà, `ZtdDeviceAssignedToOtherTenant`. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ló yẹ kó yọ ọ́ kúrò. Àwọn kan máa ń fò ó nípa gbígbé Windows kalẹ̀ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. A kò gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ tí o bá ní láti nu kọ̀ǹpútà náà láti òkèèrè, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni yóò padà sí. A dá a padà fún ẹni tó tà á, a sì gba òmíràn.

Láti ìgbà náà, nígbà tí a bá ń ra tòkunbọ̀, ìdí táábìlì ẹni tó ń tà á ni a ti ń nu ún, a ó sì fi fóònù so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ó lè gba wákàtí kan. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dúró, kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé a lè dá a padà láàárín ọjọ́ 7 bí orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn bá yọ.

## Ìpele 2: Ìforúkọsílẹ̀

A kò nu àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, torí iṣẹ́ oníbàárà wà lórí wọn. Ọ̀nà tí a gbà ni láti so wọ́n mọ́ àkáǹtì ilé iṣẹ́ bí wọ́n ṣe wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, lọ sí `intune.microsoft.com`, yan Devices, Enrollment, lẹ́yìn náà Automatic Enrollment. Ìlà tó ń jẹ́ MDM user scope gbọ́dọ̀ wà ní All, tàbí kó wà ní Some pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí o yàn. Àwa kò wo ibẹ̀. None ló wà. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin darapọ̀ mọ́ àkáǹtì ilé iṣẹ́ láìsí wàhálà, òṣìṣẹ́ fi ímeèlì wọlé, gbogbo ènìyàn dunnú, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yọ nínú Intune. Àṣẹ tó sọ òtítọ́ fún wa nìyí:

```
dsregcmd /status
```

Ìlà mẹ́ta ni kí o wò níbẹ̀. `AzureAdJoined : YES` túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti di ti ilé iṣẹ́. `MdmUrl` gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì níwájú rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, Intune kò mọ̀ ọ́n. `WorkplaceJoined` yẹ kó jẹ́ `NO`.

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà náà ni Settings, Accounts, Access work or school, Connect. Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Àpótí ímeèlì tó wà lókè ni ojú kọ́kọ́ ń rí, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀. Ìlà kékeré tó wà nísàlẹ̀ ni: Join this device to Microsoft Entra ID. Òṣìṣẹ́ kan ní Abẹ́òkúta tí à ń darí lórí fóònù kọ ímeèlì sínú àpótí òkè. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ di ẹni tí ilé iṣẹ́ kàn mọ̀ lásán, bí fóònù ara ẹni: `WorkplaceJoined : YES`, `AzureAdJoined : NO`. A tẹ Disconnect, a sì tún un ṣe láti ìlà ìsàlẹ̀.

Bí o bá fẹ́ tẹ Disconnect lórí kọ̀ǹpútà tó ti darapọ̀ tán, bíi mẹ́rin tiwa yẹn, kọ́kọ́ rí i dájú pé àkáǹtì alábòójútó kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ tí o mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Gbìyànjú láti fi wọlé kí o tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá kúrò lábẹ́ ilé iṣẹ́, ímeèlì òṣìṣẹ́ kò ní ṣí i mọ́. Bí kò bá sí àkáǹtì mìíràn, ìwọ àti kọ̀ǹpútà yóò máa wo ara yín lójú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bá fi ímeèlì wọlé, Windows yóò ṣí ilé tuntun fún un, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì ṣófo. Ìpè mẹ́ta ló wọlé láàárín wákàtí kan: "Ẹ jọ̀ọ́, fáìlì mi dà?" Fáìlì kò lọ síbì kankan, inú ilé àtijọ́ ni wọ́n wà lábẹ́ `C:\Users`. Àṣẹ tí a fi kó wọn wá nìyí. A tẹ̀ ẹ́ nínú Terminal alábòójútó, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ti wọlé lẹ́ẹ̀kan:

```
robocopy C:\Users\atijo\Documents C:\Users\tuntun\Documents /E /XJ /R:1 /W:1
```

Fi orúkọ fódà méjèèjì tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ rọ́pò `atijo` àti `tuntun`. Tún un ṣe fún `Desktop` àti `Downloads`. Bí OneDrive bá ti ń kó `Documents` tàbí `Desktop` pamọ́ lórí kọ̀ǹpútà náà, inú fódà OneDrive ni kí o wò, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí lọ. A kò pa ilé àtijọ́ rẹ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá, ìpinnu yẹn sì gbà wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan tó yẹ kí a ti mọ̀ ṣáájú: ẹni tó bá so kọ̀ǹpútà mọ́ ilé iṣẹ́ ni Windows ń sọ di alábòójútó rẹ̀, àyàfi bí o bá yí i padà. Nínú Entra, ibi tí àkáǹtì ilé iṣẹ́ wà, lábẹ́ Device settings, a fi ìlà tó ní kí ẹni tó forúkọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ di alábòójútó sí None. Márùn-ún tí a ti ṣe kí a tó rántí, a ní láti yọ agbára náà lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìgbà tí àṣẹ ń dé orí kọ̀ǹpútà, má ṣe jẹ́ kó dààmú rẹ. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú 3-3 ló ń kàn sí Intune fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú 15-15 fún wákàtí 2. Lẹ́yìn ìyẹn ó di nǹkan bíi wákàtí 8 kí ó tó tún béèrè. Kọ̀ǹpútà tí iná lọ mọ́ lára kò ní béèrè ohunkóhun. Bọ́tìnnì Sync wà fún ìgbà tí ọ̀ràn bá jẹ́ kánkán, àmọ́ títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò yá ju títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ.

Pẹ̀lú kíkó fáìlì, kọ̀ǹpútà kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 40.

## Ìpele 3: Títi dísíìkì pa

Ibi yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà, nítorí kọ̀ǹpútà tó bá sọnù tí kò tún kan íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, dísíìkì tó wà ní títì nìkan ló lè dáàbò bò ó.

Lọ sí Endpoint security, Disk encryption, kí o sì dá òfin sílẹ̀ fún BitLocker, irinṣẹ́ Windows tó ń ti dísíìkì pa. Nǹkan mẹ́rin ló yẹ kí a yí padà. Require Device Encryption di Enabled. Allow Warning For Other Disk Encryption di Disabled, èyí ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Allow Standard User Encryption di Enabled, torí òṣìṣẹ́ kì í ṣe alábòójútó mọ́. Ẹ̀kẹrin wà lábẹ́ ètò dísíìkì tí Windows wà lórí rẹ̀: Do not enable BitLocker until recovery information is stored to AD DS for operating system drives. Ó ń sọ pé kí a má ti dísíìkì títí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà yóò fi dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn jẹ́ òǹkà 48.

Ẹ̀kẹrin yẹn ni a gbàgbé lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, gbogbo kọ̀ǹpútà kọ ọ́ pé àwọn ti wà ní títì, a sì fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Kí a tó kúrò ni a ka kọ́kọ́rọ́ tó wà lábẹ́ Recovery keys lórí ojú ìwé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà 14, kọ́kọ́rọ́ 12. Méjì ti wà ní títì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà BitLocker kò rí iṣẹ́ ṣe lórí wọn, kò sì fi kọ́kọ́rọ́ wọn ránṣẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjì yẹn bá ti béèrè òǹkà 48 rẹ̀, fáìlì inú rẹ̀ ti lọ nìyẹn. A tẹ èyí lórí wọn:

```
$v = Get-BitLockerVolume -MountPoint C:
$k = $v.KeyProtector | Where-Object KeyProtectorType -eq 'RecoveryPassword'
BackupToAAD-BitLockerKeyProtector -MountPoint C: -KeyProtectorId $k.KeyProtectorId
```

Bí `$k` bá ṣófo, kò sí kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rárá. Kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú `Add-BitLockerKeyProtector -MountPoint C: -RecoveryPasswordProtector`, kí o sì tún ìlà mẹ́ta yẹn tẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kì í ṣe iye kọ̀ǹpútà tó wà ní títì ni a ń kà. Iye kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ wa ni.

Bí iná bá lọ lẹ́nu títi dísíìkì, kì í ba nǹkan jẹ́. Yóò dúró, yóò sì tẹ̀ síwájú nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni BIOS. Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí bátìrì pẹlẹbẹ wọn ti kú ṣì wà ní Abẹ́òkúta láìtíì pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì ńlá tán, BIOS padà sí bó ṣe wà látilẹ̀, Secure Boot yí padà, TPM sì kọ̀ láti ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ aró, ó ń béèrè òǹkà 48. A ka á fún òṣìṣẹ́ náà lórí fóònù, mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, ó sì ṣí. Ọjọ́ kẹta, ó tún béèrè. CR2032 ló parí ìjà náà.

Nítorí ìdí kan náà, bí o bá fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n BIOS, dá BitLocker dúró fún ìgbà kan kí o tó bẹ̀rẹ̀:

```
Suspend-BitLocker -MountPoint C: -RebootCount 1
```

## Ìpele 4: Ìmúdójúìwọ̀n, kí dátà má baà tán

Kí a tó ní Intune, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án Ìbàdàn ń fa ìmúdójúìwọ̀n Windows lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ráúta kan ṣoṣo. Ká ní ti oṣù kan jẹ́ 600 MB, tó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn, ó ti di 5.4 GB fún ohun kan náà.

A pín kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà méjì lábẹ́ Update rings. Méjì ń gba ìmúdójúìwọ̀n lọ́jọ́ tó bá jáde. Méjìlá yòókù ń dúró ọjọ́ 7, kí a lè rí i bóyá nǹkan kan bàjẹ́ lórí méjì yẹn, pàápàá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. A fi wákàtí iṣẹ́ sí aago 7 àárọ̀ sí 7 alẹ́, kí Windows má baà tún ara rẹ̀ tàn níwájú oníbàárà.

Ti dátà wà nínú òfin Delivery Optimization. Ohun tó ń ṣe ni pé kí kọ̀ǹpútà kan fa fáìlì láti íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn yòókù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. A fi Download mode sí 1, ìyẹn pé kí ó pín in láàárín àwọn tó wà lẹ́yìn ráúta kan náà, a sì dín ìpín náà kù sí àwọn tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà ilé iṣẹ́ fóònù máa ń pín àdírẹ́sì kan lójú íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà rẹ lè máa wá ẹni tí kò lè dé láé.

Oṣù kan kọjá, kò sí ìyàtọ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò:

```
Get-DeliveryOptimizationStatus | Format-Table FileSize, BytesFromPeers, BytesFromHttp
```

`BytesFromPeers` jẹ́ 0 níbi gbogbo. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ń lo Wi-Fi àlejò, ráúta kì í sì í jẹ́ kí àwọn tó wà lórí Wi-Fi àlejò rí ara wọn. A kó wọn sórí Wi-Fi gidi. Ó tún yẹ kí pọ́ọ̀tù TCP 7680 ṣí láàárín wọn.

Èkejì jẹ́ ohun tí ẹni tó ń gbé níbi tí iná kì í lọ kò ní tètè rò. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí bátìrì lè gba fáìlì lọ́wọ́ ẹlòmíì, àmọ́ kò ní fún ẹlòmíì, àyàfi bí o bá fún un láyè. Ìdajì ọjọ́ ni iná kì í sí, jẹnẹrétọ̀ sì ń gbé ráúta àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan. Gbogbo kọ̀ǹpútà wà lórí bátìrì, gbogbo wọn fẹ́ gbà, kò sí ẹni tó fẹ́ fún. A fi Minimum battery level required to upload sí 40. Ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà yóò máa pín fáìlì títí bátìrì rẹ̀ yóò fi bọ́ sílẹ̀ ju ìdá 40 nínú 100 lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e, `BytesFromPeers` lé gan-an, ó ju `BytesFromHttp` lọ lórí mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án.

Fún àwọn méjì tó wà ní Èkó, ọ̀nà yẹn kò sí. A ní kí wọ́n sọ fún Windows pé dátà orí fóònù wọn jẹ́ èyí tí à ń sanwó lé, ìyẹn Metered connection. Dátà wọn kò tán mọ́ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn oṣù méjì a rí i nínú Intune pé kò sí ìmúdójúìwọ̀n kankan tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn, torí Windows kì í fà á lórí irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀. Báyìí, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, wọ́n ń pa á ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ mú, ilé iṣẹ́ sì ń san dátà ọjọ́ yẹn.

## Ìpele 5: Ìdánwò ìnù

A kò gbà pé a lè nu kọ̀ǹpútà láti òkèèrè títí a fi nu ọ̀kan. A mú èyí tí kò ní iṣẹ́ lórí, a tẹ Wipe lórí ojú ìwé rẹ̀, a sì dúró. Ó kùnà. Ohun tó fà á ni pé Windows RE, ibi tí ìnù ti ń ṣẹlẹ̀, wà ní pípa. A lọ yẹ gbogbo wọn wò: mẹ́ta ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ sábà máa ń da Windows kan kọ sórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, apá yẹn sì lè sọnù níbẹ̀.

`reagentc /enable` tún méjì ṣe. Ẹ̀kẹta sọ pé `The Windows RE image was not found`. Fáìlì `Winre.wim` kò sí lórí rẹ̀ mọ́. A lè wá a kàn, àmọ́ a rí i pé ó yá láti gbé Windows tuntun kalẹ̀ láti orí fúláàṣì 8 GB.

Lẹ́yìn èyí ìnù ṣiṣẹ́. Ṣọ́ra fún àpótí kan tó wà níbẹ̀, èyí tó ní kí ìnù máa bá a lọ bí iná bá tilẹ̀ lọ. Ó dára fún kọ̀ǹpútà tí olè gbé, nítorí olè kò lè dá a dúró nípa pípa á. Àmọ́ Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ pé ó lè mú kí àwọn kọ̀ǹpútà kan má tàn mọ́. Fún kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ dá padà wọ́ọ́rọ́wọ́, má ṣe mú un. So ó mọ́ iná kí o sì nu ún bó ṣe yẹ.

Àṣẹ ìnù kò lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Pending ni yóò máa kọ títí tí yóò fi yọjú, ó sì lè má yọjú láé. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá kúrò tàbí kọ̀ǹpútà bá sọnù, bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Dí àkáǹtì òṣìṣẹ́ náà nínú Entra, kí o sì fagi lé gbogbo ibi tó ti wọlé sí.
2. Kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ síbòmíràn.
3. Tẹ Wipe, kí o sì fi í sílẹ̀.
4. Má ṣe pa orúkọ kọ̀ǹpútà náà rẹ́ nínú Entra títí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi parí.

Ìkejì àti ìkẹrin lọ pọ̀. Bí o bá pa orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ́ nínú Entra, kọ́kọ́rọ́ BitLocker rẹ̀ bá a lọ. A pa ti kọ̀ǹpútà kan rẹ́ nígbà tí à ń gbá ojú ìwé mọ́, ẹni tó ni ín dá a padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń béèrè òǹkà 48 tí kò sí níbì kankan mọ́. Ohun gbogbo tí kò sí nínú OneDrive lórí rẹ̀ ni a pàdánù.

## Bó ṣe wà báyìí

Gbogbo 14 wà nínú Intune, kọ́kọ́rọ́ 14 wà lọ́wọ́ wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ti kọjá àyẹ̀wò `reagentc`. Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta; bí a bá ti yẹ kọ̀ǹpútà wò ṣáájú, kì bá tí ju ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù wà ní Abẹ́òkúta: ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré méjì ni àwọn mẹ́ta yẹn ń lò, nítorí náà kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí ara wọn, ìmúdójúìwọ̀n kan náà sì ń wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A ti ní kí wọ́n ra ráúta kan tó gba káàdì SIM. Bó bá dé, a ó tún ka `BytesFromPeers` wọn.